Difiéṣọ̀n búrẹ́dì márùn-ún: 5.9 ni àbí 6.6?

Adé_Bekírì
Ẹ kú ọjọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bekírì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá wa ní kí n máa mú búrẹ́dì márùn-ún láràárọ̀, kí n wọ̀n wọ́n, kí n sì ṣírò sítáńdáàdì difiéṣọ̀n wọn, ìyẹn bí ìwọ̀n wọn ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba tó. Ti òní rèé bí mo ṣe fi bírò kọ ọ́, ní gíráàmù: 498, 503, 495, 510, 494. Kakulétọ̀ gbé 6.6 jáde. Mo fi ọwọ́ ṣe é bó ṣe wà nínú ìwé ìṣirò àbúrò mi, mo rí 5.9. Èwo ni kí n kọ fún ọ̀gá?

Tíṣà_Àgbà
5.9 ni, àbúrò mi. Má jẹ́ kí kakulétọ̀ dà ọ́ láàmú. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 2500, ìpíndọ́gba wọn 500. Yọ 500 kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan: −2, 3, −5, 10, −6. Kí o tó tẹ̀ síwájú, ro àwọn ìyapa yẹn pọ̀. Bí kò bá já sí òdo, o ti ṣe àṣìṣe níbì kan. Tìrẹ já sí òdo. Wàyí o, sikúwéà wọn: 4, 9, 25, 100, 36. Ó jẹ́ 174. Fi 5 pín in, ó di 34.8. Rúùtù rẹ̀ jẹ́ 5.9. Bí a ṣe ń kọ́ ọ ní sẹ́kọ́ńdìrì láti ìgbà tí mo ti ń di ṣọ́ọ̀kì mú nìyẹn. Bọ́tìnnì tí kò yẹ lo tẹ̀.

Kóòdù_lỌ́wọ́
Ẹ má bínú sir, kì í ṣe bọ́tìnnì tí kò yẹ. Bọ́tìnnì méjì ni wọ́n dìídì ṣe síbẹ̀. Lórí Casio, `σx` ń fi 5 pín, `sx` ń fi 4 pín. Lórí àwọn tó ti pẹ́, `xσn` àti `xσn-1` ni wọ́n kọ sí i. Ẹ wò ó nínú Python:

```
import statistics as st
x = [498, 503, 495, 510, 494]
st.pstdev(x)   # 5.899
st.stdev(x)    # 6.595
```

Àwọn tó ń ṣe kóòdù gan-an kò fẹnu kò. Irinṣẹ́ Python méjì ni numpy àti pandas: `std` ti numpy máa ń fi iye òǹkà pín bí o kò bá sọ nǹkan kan fún un, ti pandas máa ń yọ ọ̀kan kúrò. Òǹkà kan náà, ìdáhùn méjì. Mo ti rí ẹni tó fi odidi ọ̀sán wá àṣìṣe tí kò sí.

Jíjẹ́_Mọ̀
Ọ̀rọ̀ tí kò le rárá. Bí iye òǹkà rẹ, ìyẹn n, kò bá tó 30, fi n−1 pín. Bó bá ti lé ní 30, fi n pín. Márùn-ún kò tó 30, nítorí náà 6.6. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní pólì nìyẹn.

Ìyá_Ìbejì
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín kí búrẹ́dì má kéré mọ́. 494 nígbà tí àpò ń sọ pé 500! Owó kan náà ni a ń san.

Àmọ́ ẹ tún bá mi wo tèmi. Tíṣà ni èmi náà, kíláàsì mi ní ọmọ 38. Excel ni mo fi ń ṣe èsì ìdánwò wọn, `STDEV.S` ni mo sì ń lò látọjọ́ yìí. Ṣé mo ti ń ṣe é lódì ni?

Ìyá_Láàbù
Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín o. Iṣẹ́ mi ni láti máa wọ̀n nǹkan ní láàbù ilé iṣẹ́ oúnjẹ, ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ lójú mi rí.

Ìṣirò Tíṣà_Àgbà pé, ti kakulétọ̀ náà pé. Ẹ kò tíì bi Adé ní ohun tó fẹ́ mọ̀ ni. Bó bá jẹ́ àwọn búrẹ́dì márùn-ún yìí nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn, tí kò sí òmíràn lẹ́yìn wọn, kó fi 5 pín, 5.9 ni. Ìyá Ìbejì, tìyín nìyẹn. Gbogbo ọmọ kíláàsì yín ló wà lórí ìwé, kò sí ọmọ kọkàndínlógójì tí ẹ ń fi wọ́n méfò nípa rẹ̀. `STDEV.P` ló yẹ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láàárín 38 àti 37, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ní pa ẹnikẹ́ni lára.

Ṣùgbọ́n n kò rò pé ọ̀gá Adé bìkítà nípa búrẹ́dì márùn-ún tí wọn yóò jẹ tán kó tó di ọ̀sán. Ohun tó ń wá ni bí ẹ̀rọ tó ń gé ìyẹ̀fun pípò ṣe ń ṣe ségesège sí, lára ọgọ́rọ̀ọ̀rún búrẹ́dì tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n. Márùn-ún yẹn, ẹlẹ́rìí lásán ni wọ́n.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kí o tó lè sọ bí búrẹ́dì kan ṣe jìnnà sí ìwọ̀n tí ẹ̀rọ ń lé, o gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n náà. O kò mọ̀ ọ́n. 500 tí o lò, inú àwọn márùn-ún yẹn náà lo ti fa á yọ. Ká ní 502 ni ẹ̀rọ ń lé ní tòótọ́. Ìyapa yóò di −4, 1, −7, 8, −8. Sikúwéà wọn jẹ́ 16, 1, 49, 64, 64, àròpọ̀ rẹ̀ 194. Tìrẹ jẹ́ 174. Gbìyànjú 497, gbìyànjú 505, gbìyànjú èyí tó wù ọ́, kò sí òǹkà tí àròpọ̀ rẹ̀ máa kéré ju 174 lọ, torí pé kò sí ibi tó sún mọ́ àwọn márùn-ún yẹn ju ìpíndọ́gba tiwọn lọ. Nítorí náà 174 máa ń kéré ju bó ṣe yẹ lọ, àfi bí ìpíndọ́gba rẹ bá ṣe kòńgẹ́ ti ẹ̀rọ. Ohun tí à ń pín ti kéré, òǹkà tí a ó fi pín in náà gbọ́dọ̀ kéré.

Ẹni tó bá ní kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀kan la yọ, tí kì í ṣe méjì, kó gé bébà mẹ́ta, kó kọ 3, 6 àti 9 sí wọn. Mẹ́ta yìí ni gbogbo ayé wọn. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 6. Sikúwéà ìyapa wọn jẹ́ 9, 0, 9. Fi 3 pín in, fáríáǹsì wọn, ìyẹn òǹkà tí a kò tíì wá rúùtù rẹ̀, jẹ́ 6, òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Wàyí o, mú bébà kan, dá a padà, tún mú òmíràn. Ọ̀nà mẹ́sàn-án ló wà. Bí o bá mú irú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, àròpọ̀ sikúwéà jẹ́ òdo. Ọ̀nà mẹ́ta nìyẹn. Bí o bá mú 3 àti 6, tàbí 6 àti 9, ó jẹ́ 4.5; ọ̀nà mẹ́rin. Bí o bá mú 3 àti 9, ó jẹ́ 18, ọ̀nà méjì. Ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 54. Pín in láàárín ọ̀nà mẹ́sàn-án, 6. Bébà méjì lo mú, nítorí náà bí o bá fi 2 pín ní gbogbo ìgbà, 3 ni wàá máa rí ní ìpíndọ́gba, ìlàjì òótọ́. Bí o bá fi 1 pín, o bá 6 ní kòńgẹ́.

Jíjẹ́_Mọ̀, níbo ni 30 ti wọlé síbi yìí? Kò sí òfin tó yí padà lórí 30. Lẹ́yìn 30, ìyàtọ̀ wọn kàn ti kéré débi pé ojú kì í tètè rí i ni.

Arígbábuwó
Mo fara balẹ̀ ka èyí, ó dùn, ṣùgbọ́n ibì kan ń rún mi lójú. Ẹ ní kí a dá bébà padà ká tó mú òmíràn. Ta ló ń wọn búrẹ́dì kan, tó tún dá a padà sí ààrò kó lè tún wọn òun náà? Adé mú márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mo ṣe bébà yín láìdá a padà. Ọ̀nà mẹ́ta péré ló kù: 3 pẹ̀lú 6 jẹ́ 4.5, 3 pẹ̀lú 9 jẹ́ 18, 6 pẹ̀lú 9 jẹ́ 4.5. Mo fi 1 pín bí ẹ ṣe wí. Ìpíndọ́gba wọn já sí 9. Kì í ṣe 6 mọ́.

Ìyá_Láàbù
O káre. Ojú rẹ mú. 9 yẹn ni wàá rí bí o bá fi 2 pín 18 ti gbogbo bébà mẹ́ta dípò 3, ìyẹn ni pé n−1 ṣì ń bá nǹkan kan ní kòńgẹ́, àmọ́ kì í ṣe fáríáǹsì tí mo pè ní òótọ́. Bí ohun tó wà nílẹ̀ bá kéré, tí o sì mú èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ láìdá a padà, ó gbọ́dọ̀ wọ ìṣirò rẹ. Bébà méjì nínú mẹ́ta, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ayé wọn lo mú. Búrẹ́dì márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún kan, bóyá o dá a padà o, bóyá o kò dá a padà o, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ.

Kí n tún fi kan lé e, kí wọ́n má bàa ní mo fi pamọ́. Fáríáǹsì ni n−1 ń tún ṣe. Rúùtù rẹ̀, ìyẹn difiéṣọ̀n fúnra rẹ̀, ṣì ń kéré díẹ̀. Nínú ọ̀nà mẹ́sàn-án ìṣáájú, difiéṣọ̀n òótọ́ jẹ́ 2.45, àmọ́ bí o bá mú rúùtù ọ̀kọ̀ọ̀kan tó fi 1 pín, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 1.89. Àwọn kan ń tún èyí náà ṣe. Ní láàbù tiwa, a kò dà á láàmú.

Tíṣà_Àgbà
Mo ti gbọ́. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ti ìwé ìdánwò. Ṣùgbọ́n kí àbúrò Adé má lọ fi 4 pín nínú ìdánwò tí fọ́múlà rẹ̀ ní n. Ibi tí wọ́n bá ti kọ n, n ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí ṣe ìpanu: ẹni tó jókòó ti ọ̀rọ̀ sáńpù kékeré jù lọ, William Sealy Gosset, ilé ìpọntí Guinness ní Dublin ló ti ń ṣiṣẹ́. 1908 ni iṣẹ́ rẹ̀ jáde, «Student» ló sì fi rọ́pò orúkọ ara rẹ̀. Oníṣẹ́ oúnjẹ àti ohun mímu ti ń bá òǹkà díẹ̀ fà á látọjọ́ tó ti pẹ́.

Adé_Bekírì
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ó ti ń yé mi. Mo lọ wo bébà ọjọ́ kejì, mo bá wàhálà mìíràn pàdé. Omi kán sórí òǹkà ìkẹyìn, n kò mọ̀ bóyá 493 ni àbí 498. Àwọn tó hàn ni 490, 496, 488, 493. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti kọ àròpọ̀ sísàlẹ̀: 2460. Mo yọ àwọn mẹ́rin kúrò, ó ku 493. Ǹjẹ́ mo lè máa kó gbogbo ọjọ́ pọ̀, kí n fi difiéṣọ̀n kan ṣoṣo jíṣẹ́ fún ọ̀gá?

Ìyá_Láàbù
Ṣé o rí ohun tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yẹn? Bí àròpọ̀ bá ti wà nílẹ̀, mẹ́rin nínú wọn ló lómìnira láti jẹ́ ohun tó wù wọ́n. Ẹ̀karùn-ún kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́. Ìyapa náà bẹ́ẹ̀: ti ọjọ́ àkọ́kọ́, −2, 3, −5, 10, àròpọ̀ wọn jẹ́ 6, ìkarùn-ún kò lè jẹ́ nǹkan míì ju −6 lọ. Mẹ́rin tó lómìnira yẹn ni 4 tí à ń fi pín.

O lè kó wọn pọ̀, ṣùgbọ́n rọra. Ọjọ́ kejì, ìpíndọ́gba 492. Ìyapa −2, 4, −4, 1, 1. Sikúwéà àpapọ̀ 38. Ro 174 mọ́ 38, ó di 212. Kì í ṣe 10 lo máa fi pín in, kì í ṣe 9 náà. 8 ni: mẹ́rin láti ọjọ́ kìíní, mẹ́rin láti ọjọ́ kejì, torí pé o ti wá ìpíndọ́gba lẹ́ẹ̀mejì. Ó di 26.5, rúùtù rẹ̀ 5.1.

Jíjẹ́_Mọ̀
Ó dáa, mo gba ti òfin 30 yẹn lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ bó bá fi oṣù kan ṣe é, ọjọ́ 30, búrẹ́dì 150. N àti n−1 kò tún lè ṣe nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. 150 àti 149, kí ni ìyàtọ̀?

Ìyá_Láàbù
Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kó sí! Bí o bá ń wá ìpíndọ́gba tuntun láràárọ̀, ìpíndọ́gba 30 lo wá, 30 lo máa yọ. 120 lo máa fi pín, kì í ṣe 149. Bí o bá fi 150 pín, fáríáǹsì rẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún kéré, yóò sì máa kéré bẹ́ẹ̀ títí ayé, kódà bí o bá wọn ẹgbẹ̀rún ọjọ́. Pípọ̀ búrẹ́dì kò wò ó, torí pé márùn-ún márùn-ún ṣì ni o ń gé wọn.

Bí o ṣe máa mọ̀ pé ẹnìkan ti ṣe bẹ́ẹ̀: bi í pé kí ló fi pín. Bí iye ohun tó wọ̀n bá bá iye tó fi pín mu, tí ìpíndọ́gba sì ju ẹyọ kan lọ lórí bébà rẹ̀, òǹkà rẹ̀ kéré.

Arígbábuwó
Kí ló dé tí Adé fi gbọ́dọ̀ wá ìpíndọ́gba lójoojúmọ́? Oníbàárà kò mọ ọjọ́ tí ẹ ṣe búrẹ́dì. Kó kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jọ, ìpíndọ́gba kan, 496. Mo ṣe é: àròpọ̀ sikúwéà jẹ́ 372, fi 9 pín in, 41.3, rúùtù 6.4. Ẹ wò ó bó ṣe ju 5.1 yín lọ. 5.1 yẹn ń bo nǹkan mọ́lẹ̀: ọjọ́ kan 500, ọjọ́ kejì 492. Ẹni tó ra ti ọjọ́ kejì mọ̀ ọ́n lára.

Ìyá_Ìbejì
Mo ti wí bẹ́ẹ̀ látàárọ̀!

Ìyá_Láàbù
Ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, Arígbábuwó. 212 nínú 372 yẹn wá láti inú ọjọ́, 160 tó kù wá láti àárín ọjọ́ kan sí èkejì. 5.1 ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe ségesège láàárín ìdí ìyẹ̀fun pípò kan. 6.4 kó ẹni tó ń tún ẹ̀rọ tò láàárọ̀ mọ́ ọn. Mẹkáníìkì máa fẹ́ àkọ́kọ́, ẹni tó ń dáhùn ẹ̀sùn oníbàárà máa fẹ́ ìkejì. Èmi kì í fi wọ́n sínú òǹkà kan ṣoṣo, torí o kò ní mọ èyí tó yí padà bó bá lọ sókè. Ìyẹn sì ni pé mi ò fọwọ́ sí i pé ìpíndọ́gba ọjọ́ méjì tó láti sọ bí àwọn ọjọ́ ṣe ń yàtọ̀ síra.

Arígbábuwó
Ọ̀nà méjì yẹn kì í ṣe ohun tí ọ̀gá bekírì máa kà. Òǹkà kan ni wọ́n ń fẹ́, mo ṣì dúró lórí 6.4.

Tíṣà_Àgbà
Ìyá_Láàbù, mo ní ìbéèrè kan. A ti ń jà lórí 5.9 àti 6.6 láti àárọ̀. Báwo ni 6.6 yẹn fúnra rẹ̀ ṣe dájú tó, nígbà tó jẹ́ búrẹ́dì márùn-ún ló sọ ọ́?

Ìyá_Láàbù
Kò dájú rárá, sir. Bí ìwọ̀n búrẹ́dì bá ń tẹ̀lé ìtẹ̀kọrọdọ tó rí bí agogo, ẹ lọ wo ìlà 4 nínú tébù káì-sikúwéà. Ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún yóò fún yín ní difiéṣọ̀n láti nǹkan bí 4 gíráàmù títí dé 19. Fífẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ìjà tí ẹ jà lọ. Ó sì tún le bí búrẹ́dì kan bá ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. 510 yẹn nìkan ló mú 100 wá nínú 174.

Adé_Bekírì
Háà. 4 sí 19! Nígbà náà, ṣé kí n mú mẹ́wàá láràárọ̀ dípò márùn-ún?

Ìyá_Láàbù
Bí síkéèlì rẹ àti àsìkò rẹ bá gbà á. Ṣùgbọ́n má mú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá láti inú páànù kan. Mú wọn láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ààrò, kọ páànù tí o ti mú un sẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹkà, má sì ṣe kọ difiéṣọ̀n láìkọ iye tí o wọ̀n àti ohun tí o fi pín. Fún ti òní, kọ «6.6 gíráàmù, búrẹ́dì 5, pín sí 4».

Kóòdù_lỌ́wọ́
Bí o bá ní fóònù, fi bébà rẹ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, màá ṣe síìtì kan fún ọ tó ń yọ ọ̀kan kúrò lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Arígbábuwó, màá fi 6.4 tìrẹ sí kọ́lọ́ọ̀mù kejì, kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ mú.

Arígbábuwó
Kọ́lọ́ọ̀mù kejì ló yẹ kó jẹ́ àkọ́kọ́.